Lẹ́tà Tí Kì í Kí Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó ti yege ìdánwò B2 nínú èdè Jámánì, tó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, ẹbí àti ojú ọjọ́ láìwá ọ̀rọ̀ tì, báwo ni yóò ṣe gba lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin láti ọ́fíìsì ìjọba ibẹ̀, tí yóò mọ ìtumọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, síbẹ̀ tí yóò gbọ́ ọ lódì pátápátá?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé mi ní Ìbarà ni pé mo ń kọ́ àwọn tó fẹ́ lọ gbé ní Jámánì ní èdè wọn. Nọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ. Ó ti fún mi láyè kí n kọ ọ́. Ohun tó bẹ̀ mí ni pé kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

"Ó ti parí, Ànńtí"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2025 ló wọlé tọ̀ mí wá. Èjẹ́ǹtì tó ń bá a rìn ìrìn náà láti Jámánì ló ya lẹ́tà kan ní fọ́tò, tó fi ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù ní ọjọ́ kìíní oṣù náà. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Pánṣẹ́kẹ́, ó kà á tán nínú mọ́tò, ó sì ti sunkún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ó ti parí, Ànńtí. Wọ́n kọ̀ mí."

Mo ní kí ó fi ibi tí wọ́n ti kọ̀ ọ́ hàn mí. Ó fi ìka sí i. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, lábẹ́ àkọlé ńlá kan tó ní "Bescheid", ìyẹn ìwé ìpinnu, wọ́n kọ ọ́ pé: "1. Es wird festgestellt, dass Ihre Ausbildung nicht gleichwertig ist." Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé wọ́n ti yẹ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kò dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ó lóye rẹ̀ dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣì túmọ̀ níbẹ̀.

Mo wá bi í pé, "Nọ́ńbà kejì ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó ti ka nọ́ńbà kejì, àmọ́ ojú ẹni tí wọ́n ti lé ló fi kà á, bí ẹni tó ti gbọ́ ìdájọ́ tó kàn ń dúró kí adájọ́ dìde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè dí àlàfo tí wọ́n rí. Ọ̀nà méjì ló sì wà tí ó lè gbà, kí ó mú èyí tó bá wù ú. Àkọ́kọ́ ni "Anpassungslehrgang". Ó máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àmójútó, kí ó fi kọ́ apá tó kù, ìyẹn kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Èkejì ni "Kenntnisprüfung", ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀rọ̀ ẹnu àti ní iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí mọ̀ pé irú lẹ́tà yìí gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ wa máa ń gbà. Òun sì ni físà dúró lé. Ẹni tó fẹ́ gba físà láti lọ parí ẹ̀kọ́ yẹn ní Jámánì ní láti fi lẹ́tà tó sọ ohun tó kù fún un hàn. Bí kò bá sí i, kò sí ohun tí yóò gbé lọ síwájú àwọn tó ń ṣètò físà ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn ní Èkó. Ìwé tí ó ń sunkún lé lórí ni ìwé tí ó ti ń retí láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, kò kọ́kọ́ gbà. Ó mú bébà náà, ó tún un kà láti òkè, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ sókè. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé a lè dí àlàfo náà, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé wọn ò wá lè sọ ọ́ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ojú la fi ń ka lẹ́tà

Tí àgbàlagbà ilẹ̀ wa bá fẹ́ sọ pé rárá, yóò kọ́kọ́ kí ọ. Yóò bèèrè ará ilé, yóò yin bàbá rẹ, yóò pa òwe kan tàbí méjì, ìwọ náà yóò sì ti mọ̀ láti ibi tó ti ń pa òwe pé ohun tí o wá tọrọ kò ní bọ́ sí i. Èyí tó bá sì fẹ́ gbà fún ọ kì í pẹ́ rárá kó tó jẹ́ kí o rẹ́rìn-ín. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó: ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni a ti kọ́ etí wa láti máa gbọ́ ohùn kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Lẹ́tà ọ́fíìsì Jámánì kò ní ohùn. Ẹni tó kọ ọ́ kò bínú sí ọ, kò sì fẹ́ràn rẹ. Ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ ló ní kí ó gbé ìpinnu síwájú, kí ó to ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó sì fi ọ̀nà tí o lè gbà bá a jiyàn parí rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ojú nínú lẹ́tà yẹn. Ó rí ọ̀rọ̀ tó le ní ìlà àkọ́kọ́, ó sì ka gbogbo èyí tó kù bí ẹni pé ìbínú ló ń bá a lọ. B2 kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyẹn, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa nínú ìwé ẹ̀kọ́ pé a kì í ka irú lẹ́tà yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń kọ́ wọn báyìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo igun òkè fún nọ́ńbà fáìlì, tí wọ́n ń pè ní "Aktenzeichen", torí ohunkóhun tí o bá fi ránṣẹ́ padà láìkọ nọ́ńbà yẹn sí i lè pẹ́ lọ́dọ̀ wọn kí ó tó bá fáìlì rẹ pàdé. Kí wọ́n wo déètì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka gbogbo ìpinnu tó ní nọ́ńbà lára tán, láti àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, torí ìpinnu kan náà ni gbogbo wọn pa pọ̀ jẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ ti owó. Láti ibẹ̀, kí wọ́n fo gbogbo àlàyé, kí wọ́n lọ sí ìparí lẹ́tà pátápátá, níbi tí àkọlé gígùn kan wà: "Rechtsbehelfsbelehrung". Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún ọ bí o ṣe lè tako ìpinnu náà, ibi tí o máa kọ ìwé sí, àti iye ọjọ́ tí o ní. Ẹ̀yìn èyí ni kí wọ́n tó padà wá ka àlàyé, nígbà tí ara ti balẹ̀.

Mo fẹ́ràn ojú ìwé ìparí yẹn gidigidi. Ìjọba tí kò rí ọ rí, tí o kò tíì tẹ ilẹ̀ rẹ̀, ló jókòó kọ ọ̀nà tí o lè gbà sọ pé òun ṣì í, tó sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó dùn mí pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn wa kì í dé nígbà tí wọ́n bá ń kà á.

Ọjọ́ tí kì í dúró de Wáásáàpù

A lọ sí ìparí lẹ́tà náà. Wọ́n kọ ọ́ pé ó lè tako ìpinnu yìí láàárín oṣù kan lẹ́yìn "Bekanntgabe", ìyẹn ọjọ́ tí a gbà pé lẹ́tà ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni lẹ́tà dé sórí fóònù òun, nítorí náà òun ní títí di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún.

Bí a ṣe ń kà á nílẹ̀ wa nìyẹn, ó sì dà bí ohun tó mọ́gbọ́n wá. Àmọ́ bí òfin wọn ṣe ń kà á nìyí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn yìí, ó ti buwọ́ lu ìwé kan fún èjẹ́ǹtì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní "Vollmacht". Ìwé náà fún èjẹ́ǹtì láṣẹ láti máa gba lẹ́tà lórúkọ rẹ̀. Nítorí náà, àdírẹ́sì èjẹ́ǹtì ní Jámánì ni ọ́fíìsì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Lẹ́tà tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ láàárín ilẹ̀ Jámánì, òfin gbà pé ó ti dé ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n fi í sínú póòsì. Ọjọ́ kẹta ni tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọjọ́ kẹrin.

Déètì orí lẹ́tà náà ni 10.03.2025. Ká ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi í ránṣẹ́, a jẹ́ pé ó dé ní 14.03.2025 lójú òfin. Oṣù kan láti ọjọ́ yẹn parí ní 14.04.2025. Ọjọ́ Ajé ni. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba ló bọ́ sí, yóò sún sí ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn, àmọ́ ọjọ́ Ajé kì í sún. Bí lẹ́tà bá pẹ́ lójú ọ̀nà lóòótọ́ kí ó tó dé ọwọ́ èjẹ́ǹtì, ìyẹn yàtọ̀, ọ́fíìsì ló máa fi ẹ̀rí ọjọ́ tó dé hàn. Àmọ́ pé èjẹ́ǹtì jókòó lé e kí ó tó rántí yà á ní fọ́tò, ìyẹn kò kan òfin.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé àtakò bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń kà. Ọjọ́ tí o fi sínú póòsì kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ti pẹ́ nìyẹn.

Báyìí ni ìgbà tí ọmọ yìí rò pé ó ṣì ní tó oṣù kan ṣe di ohun tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹkún. Ó mú bírò, ó kọ 14.04. sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà, ó sì fi ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Kí n sọ eléyìí náà: bí lẹ́tà ìpinnu kò bá ní ojú ìwé tó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń tako ó, tàbí tí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò tọ̀nà, oṣù kan yẹn máa di odindi ọdún kan. Mo ti rí ẹni tó jàǹfààní rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan sì rèé, kò sí pé à ń kọ ìwé àtakò sí ọ́fíìsì rárá, ilé ẹjọ́ ni ènìyàn ń lọ tààrà. Ohun tó wà nínú lẹ́tà tìrẹ ni kí o tẹ̀ lé, má tẹ̀ lé ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ṣe.

Òdo tó wà níwájú Àrò

Lẹ́yìn èyí la tó padà sí àlàyé. Ojú ìwé méjì ni, àtẹ kan sì wà láàárín rẹ̀. Ní ọwọ́ òsì, wọ́n to ẹ̀ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni iye wákàtí tí òfin wọn ń béèrè, lẹ́yìn náà iye tí wọ́n rí nínú ìwé rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó kù. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tiwọn jẹ́ wákàtí 2.100 nínú kíláàsì àti 2.500 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú sí bí mo ṣe kọ nọ́ńbà yẹn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn: àmì ìdánudúró ni wọ́n fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya apá tí kò pé odindi sọ́tọ̀. Ẹni tó bá kà á bí tiwa yóò rò pé wákàtí méjì àti díẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Níwájú ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, wọ́n béèrè 400, wọ́n rí 0. Ìyẹn tọ̀nà. Kò ṣe é rí. Ilé ni a ti ń tọ́jú àwọn àgbà wa, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì rán an lọ sí irú ibẹ̀. Àmọ́ níwájú ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, wọ́n béèrè 120, wọ́n tún kọ 0.

"Irọ́ ni!" Ó fi ọwọ́ lu tábìlì. "Mo lọ sí Àrò, Ànńtí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo lọ sí Àrò."

Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀ ní Abẹ́òkúta pé ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Àrò láti 1954 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ti ń wá láti ìlú míì láti kọ́ iṣẹ́ yẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló lò níbẹ̀, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òdo yẹn ni mo ní kí ó kà fún mi. "Nicht nachgewiesen," ó kà á. Mo ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀.

Ó ronú. "Wọ́n ní... wọ́n ní mi ò fi ẹ̀rí hàn."

Wọn kò sọ pé kò lọ. Wọ́n sọ pé kò sí ẹ̀rí níwájú àwọn pé ó lọ. A mú ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ nípa ẹ̀kọ́ tó ṣe jáde, òótọ́ sì ni. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ka náà àti "ọ̀sẹ̀ mẹ́rin". Ẹni tó jókòó sí Jámánì kò mọ̀ bóyá wákàtí méjì ni ó ń lò lójúmọ́ tàbí mẹ́jọ. Ọ́fíìsì yẹn kì í fojú inú wò ó fún ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní wákàtí lára, òdo ni lójú wọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ ọ́ pé ogójì wákàtí ni lọ́sẹ̀, ó di 160, ó sì ti ju ohun tí wọ́n ń béèrè lọ.

Nígbà náà ni ọmọ yìí rí ìlà kan lábẹ́ àtẹ náà, òun fúnra rẹ̀ ló rí i, mi ò tíì dé ibẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ti béèrè ní 20.01.2025, kò sí ẹ̀rí mìíràn tó dé, nítorí náà àwọn pinnu "nach Aktenlage", ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ni àwọn wò. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó fi lẹ́tà 20.01. kankan ránṣẹ́ sí i rí. Ọ́fíìsì ti kọ̀wé, wọ́n ti sọ ohun tó kù, wọ́n ti fún un ní àkókò, lẹ́tà náà sì wà lọ́dọ̀ èjẹ́ǹtì láìṣe pé ẹnikẹ́ni kà á fún un.

Èjẹ́ǹtì náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn lòun ń ṣe fún, òun sì rò pé ìwé tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ tó. Àmọ́ láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń buwọ́ lu "Vollmacht" pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà dé ọwọ́ àwọn ní ọjọ́ tó bá dé. Kí wọ́n sì máa béèrè. Ọ́fíìsì tó bá gba ìwé rẹ máa ń kọ̀wé padà láàárín oṣù kan láti sọ pé ó dé, kí ó sì sọ ohun tó kù. Bí oṣù kan bá kọjá láìsí nǹkan kan, lẹ́tà kan wà níbì kan.

Ìlà méjì, àti ìbuwọ́lùwé

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló yẹ kí ènìyàn kọ ìwé àtakò sí. Bí wọn kò bá gbà á, owó wà lórí rẹ̀, ó sì lè fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹni tó ti pinnu láti ṣe ìdánwò dípò ẹ̀kọ́ àfikún, ìlà kan nínú àtẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà fún un. Àmọ́ ẹ̀kọ́ àfikún ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́. Gígùn rẹ̀ sì dúró lé ohun tó kù nínú àtẹ yẹn. Èmi gbà pé ó yẹ kí ó kọ ọ́.

Ohun tí ó kọ kò ju ìlà méjì lọ lẹ́yìn nọ́ńbà fáìlì àti déètì lẹ́tà: pé òun tako ìpinnu náà kí àkókò má bàa kọjá, àti pé àlàyé ń bọ̀ lẹ́yìn. Òfin gbà á bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ̀rí ti pé kí o tó kọ ọ́. Ohun tó pọn dandan ni kí ìwé náà dé kí ọjọ́ tó pé.

Èjẹ́ǹtì ní òun máa fi í-meèlì ránṣẹ́ ní alẹ́ yẹn. Ibi yìí ni inú mi ti dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tí ọmọ yìí fi ka ojú ìwé ìparí fún un lórí fóònù, ní èdè Jámánì: wọ́n ní kí àtakò jẹ́ "schriftlich", lórí ìwé, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé. Í-meèlì lásán kò tó. Èjẹ́ǹtì dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó tọ̀nà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó buwọ́ lù ú lórúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́. Ó dé ọ́fíìsì ní 09.04.2025.

Ìwé tó ní wákàtí nínú ló pẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí ó wá lọ́la, wọ́n ní ẹni tó ń buwọ́ lùwé kò sí nílé. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n tún gbàgbé láti kọ déètì tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí i, ó sì ní láti padà lọ. Lẹ́yìn náà ni olùtúmọ̀ tí ilé ẹjọ́ Jámánì gbà láyè tó yí i sí èdè wọn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nísinsìnyí, kí ó gba iye wákàtí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórí ìwé kí ó tó jáde, kì í ṣe ìgbà tí lẹ́tà bá dé.

Fọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e

Bí a ṣe ń dúró de èsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù físà. Fọ́ọ̀mù kò ṣòro bíi lẹ́tà, àmọ́ ó ní ibi tí ó ti máa ń dá àwọn ènìyàn wa dúró, mo sì fẹ́ mẹ́nu kan mẹ́ta.

Wọ́n ní "Zutreffendes bitte ankreuzen": èyí tó bá bá ọ mu, fi àmì X sí i. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni X ti jẹ́ àmì ohun tí a kò gbà lójú tiwa. Tíṣà ló ń fi í sí ibi tí a bá ṣì. Nítorí náà, mo ti rí ẹni tó fi àmì máàkì dáadáa sí "bẹ́ẹ̀ ni", tó tún wá fi X sí "rárá" kí ó lè dá a lójú pé òun kò mú ìyẹn. Lójú ẹni tó gba fọ́ọ̀mù náà, ó mú méjèèjì.

Èkejì ni orúkọ. Àpótí kan wà fún "Geburtsname". Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ kọ orúkọ oríkì tí ìyá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ ìkómọjáde sí i, torí ó rò pé orúkọ ìbí rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Orúkọ bàbá tó ń jẹ́ kí ó tó lọ ilé ọkọ ni wọ́n fẹ́. Oríkì rẹ̀ kò sí nínú páásípọ́ọ̀tù, kò sì yẹ kí ó wọ inú fọ́ọ̀mù náà. Orúkọ tó bá yàtọ̀ níbì kan sí ibòmíràn lè dá ènìyàn dúró ju àṣìṣe èdè lọ.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ lo fi ń kọ ọ́, fi ìlà gba àárín 7 rẹ kọjá. Àwọn ará Jámánì ń fi ìrù gígùn sí orí 1 wọn, 7 tí kò ní ìlà láàárín lè di 1 lójú wọn, ọjọ́ ìbí rẹ a sì yí padà.

Èsì

Èsì dé ní ìparí oṣù kẹfà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ èjẹ́ǹtì náà ló dé Abẹ́òkúta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbé e wá bá mi. Ó pè mí lórí fóònù láti ibi iṣẹ́, ó ka nọ́ńbà fáìlì, ó ka déètì, ó ka ìpinnu láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ó ní kí n má dá òun lóhùn títí òun yóò fi parí. Ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ti di 160, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ mọ́. Ti àwọn arúgbó ṣì wà bó ṣe wà, 400 gbáko, ìtọ́jú àwọn aláìsàn nínú ilé wọn, tí wọ́n ti ka díẹ̀ nínú iṣẹ́ tó ṣe ní ilé ìwòsàn àdúgbò mọ́, kò sì yí padà.

Ó ní òun ò ní tako ti àwọn arúgbó torí òótọ́ ni, àmọ́ òun fẹ́ mọ̀ bóyá ti inú ilé aláìsàn ní wákàtí tí wọn kò rí. Ó ti ṣírò ọjọ́ tí àkókò yóò pé. Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, nítorí náà ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni òun kọ sílẹ̀, àmọ́ ìwé òun máa ti débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.